Ohun Tí Ìwé Wí Nípa Iyọ̀ Baálẹ̀

Bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún mi pé kí n má bínú sí ọ̀rọ̀ yìí mọ́, mo máa ń bi í pé ṣé òun ni wọ́n kó ṣẹkẹ́ṣẹkẹ̀ sí lọ́wọ́. Mo mọ̀ pé kì í ṣe èmi náà. Ṣùgbọ́n mo wà níbẹ̀, mo mọ ìwé kà, mo sì rí bí wọ́n ṣe fi ìwé tó wá gbèjà ènìyàn de ènìyàn náà mọ́lẹ̀. Inú mi kò tíì rọ̀.

Títíladé ni orúkọ mi. Ogun kó mi ní kékeré, wọ́n tà mí sókun, ọkọ̀ ogun òyìnbó gba ọkọ̀ tí mo wà nínú rẹ̀, wọ́n sì kó wa lọ sí Sàró. Ibẹ̀ ni mo ti kọ́ Gẹ̀ẹ́sì, ibẹ̀ ni mo ti kọ́ ìránṣọ, ibẹ̀ náà ni mo sin ọkọ mi sí. Nígbà tí mo padà dé, tí mo wá ilé bàbá mi kàn ní abúlé wa lápá Akanran, ẹ̀gbọ́n mi fún mi ní yàrá kan, mo sì ń rán aṣọ tà. Nítorí ibi tí mo ti bọ̀, àwọn ará ilé ń pè mí ní Ìyá Sàró.

Ọdún díẹ̀ ṣáájú ogun Ìjàyè ni ohun tí mò ń sọ yìí ṣẹlẹ̀, nígbà tí ọ̀nà Abẹ́òkúta ṣì là dáadáa. Baálẹ̀ wa, Fákọ́ládé, kó epo pupa jọ, ó sì fi rán Jùbrílù sí Èkó. Jùbrílù ni aládùúgbò mi, ọmọ Mùsílímátù, ọkùnrin tó ní aya àti ọmọ, tó sì ń roko bí ẹni pé ilẹ̀ jẹ ẹ́ ní gbèsè. Òun ni wọ́n máa ń rán lọ sí ọ̀nà jíjìn nítorí pé kì í mutí, kì í sì í bá ará ọ̀nà jà. Lọ́wọ́ oníṣòwò kan tí ń jẹ́ Dàda, tí òun náà ti Sàró bọ̀, ni ó ti fẹ́ gba iyọ̀ àti aṣọ padà fún Baálẹ̀.

Lọ́jọ́ tí mo ń wí yìí, ọjà Ìbàdàn ni mo ti ń bọ̀, oòrùn ti kan àtàrí. Bí mo ṣe dé iwájú ilé Baálẹ̀, mo rí Jùbrílù tó jókòó sílẹ̀ nídìí òpó, irin lọ́wọ́ rẹ̀. Ìyá rẹ̀ jókòó tì í, ó fi gèlè rẹ̀ ṣe ìbòjì sí i lórí. Mo kọ́kọ́ rò pé wọ́n ń ṣeré ni. Ojú ìyá rẹ̀ ló sọ fún mi pé eré kọ́.

“Ìyá Jùbrílù, kí ló dé?”

“Wọ́n ní ó jalè, Ìyá Sàró,” ni Mùsílímátù wí. Ohùn rẹ̀ kò gbọ̀n rárá, èyí ló sì dùn mí jù. “Wọ́n ní ìwé ló sọ bẹ́ẹ̀. Ṣé ìwé lẹ́nu ni?”

Ó ròyìn rẹ̀ fún mi. Àná ni ọmọ rẹ̀ dé, ó kó gbogbo aṣọ dé àti díẹ̀ nínú iyọ̀. Baálẹ̀ bi í pé iyọ̀ tó kù dà. Ó ní Dàda sọ fún òun pé omi gbé e ní etí òkun, kí ó tó wọ Èkó rárá, ó sì ti kọ ọ́ sínú ìwé tí òun mú wá. Àwọn àgbà wo ara wọn. Iyọ̀ tí omi gbé, ta ni yóò bá wọn wá a rí? Ẹni tó bá fẹ́ purọ́ nípa ẹrù, iyọ̀ ló yẹ kó purọ́ nípa rẹ̀, nítorí kì í fi òkú sílẹ̀. Ni Baálẹ̀ bá ránṣẹ́ pe Akínwándé ògbufọ̀ láti wá ka ìwé náà. Akínwándé kà á láàárọ̀ yìí níwájú gbogbo ènìyàn, ó sì ní ìwé kò sọ̀rọ̀ omi. Ó ní ìwé sọ pé iyọ̀ tó kù ti bá òwò ọ̀pá irin lọ, àti pé àwọn atukọ̀ méjì sì bá a lọ.

“Baálẹ̀ wá ní ó ti tó,” ni Mùsílímátù wí. “Ó ní ọmọ mi fi iyọ̀ òun pààrọ̀ irin, ó sì kó irin náà pamọ́ pẹ̀lú àwọn atukọ̀. Wọ́n ti ránṣẹ́ sí olóyè tó ni wá ní Ìbàdàn. Kí ilẹ̀ tó ṣú, àwọn ọmọ-ọ̀dọ̀ rẹ̀ yóò ti dé láti mú un.”

Kò sẹ́ni tí kò mọ ohun tí ìyẹn jẹ́. Olè tí àwọn ará abúlé bá mú, wọ́n lè bẹ̀bẹ̀ fún un. Olè tí ìwé bá mú, tí wọ́n sì fà lé olóyè lọ́wọ́, tí a bá tún rí i láyé, ọjà ẹrú ni a ó ti rí i, oko rẹ̀ yóò sì ti di ti ẹlòmíràn.

Mo bi Jùbrílù pé kí gan-an ni Dàda sọ fún un.

“Ó ní iyanrìn kan wà lẹ́nu omi,” ni ó wí. “Ó ní ibẹ̀ ni ọkọ̀ dojú dé. Mi ò dé ibẹ̀, Ìyá Sàró. Ohun tó sọ ni mo sọ.”

Iyanrìn lẹ́nu omi. Mo mọ ibi tó ń wí. Mo gbé ẹrù mi kalẹ̀ síbẹ̀, mo sì gba ilé Akínwándé lọ.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ẹni tí Akínwándé jẹ́, kí ẹ má bàa rò pé òpè ni. Ọmọ Sàró ni bíi tèmi, àgbà mi ló jẹ́, Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ sì dára. Ó ti bá àwọn òyìnbó oníwàásù ṣiṣẹ́ ní Abẹ́òkúta, lórí tábìlì tí wọ́n ti ń sọ Bíbélì di Yorùbá. Ẹni tó bá jókòó nídìí tábìlì yẹn mọ òfin tó wà níbẹ̀. Ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan lè ní ìtumọ̀ púpọ̀, nítorí náà èyí tó bá kọ́kọ́ wá síni lọ́kàn kọ́ ni a ń mú. A ó kó gbogbo ìtumọ̀ tí a mọ̀ jọ, a ó fi ọ̀kọ̀ọ̀kan sí àyè ọ̀rọ̀ náà, a ó ka ìwé láti òkè dé ìsàlẹ̀, a ó sì kà á fún ẹni tí kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, bóyá yóò jẹ́ ọ̀rọ̀ gidi létí rẹ̀. Akínwándé fúnra rẹ̀ ló kọ́ mi lófin yìí, nígbà tí mo kọ́kọ́ dé, tí mò ń bá a ka ìwé orin.

Mo bá a lórí oúnjẹ.

“Ẹ kú ìjókòó, ẹ̀gbọ́n,” ni mo wí. “Gẹ̀ẹ́sì wo ló wà nínú ìwé Dàda tí ẹ pè ní òwò ọ̀pá irin?”

Ó nu ọwọ́, ó sọ ọ́ fún mi bó ṣe rí: *lost at the bar*.

“Ẹ wá pe ‘bar’ ní ọ̀pá irin?”

“Kí ni kí n pè é? Ìwọ náà gbé Sàró. Nígbà tí mo wà lápá òkè odò pẹ̀lú àwọn oníṣòwò igi, ‘bar’ la fi ń ka ohun gbogbo. Ẹrú, aṣọ, iyọ̀, tábà, wọ́n á ní iye ‘bar’ báyìí ni. Ọ̀pá irin ni ìpìlẹ̀ rẹ̀. Ẹni tó bá ní iyọ̀ lọ níbi ‘bar’, òwò ni ó ń wí.”

“Kí ni nǹkan mìíràn tí ọ̀rọ̀ náà ń jẹ́?”

Ó ní ó ń jẹ́ ìdábùú tí a fi ń ti ilẹ̀kùn. Ó ní ó ń jẹ́ igi tí ẹlẹ́jọ́ ń dúró sí níwájú adájọ́ òyìnbó. Ó ní wọ́n tún ń pe ọṣẹ òyìnbó gígùn bẹ́ẹ̀.

“Ó tán?”

“Ó tán.”

Mo wá bi í ibi tó gúnlẹ̀ sí nígbà tó ti Sàró bọ̀. Ó ní Àgbádárìgì ni. Mo ti mọ̀ bẹ́ẹ̀. Àwọn tó tètè bọ̀, Àgbádárìgì ni gbogbo wọn gbà wọlé, níbi tí ìgbì ti ń gbé ọkọ̀ jù sí etíkun tààrà. Èmi, Èkó ni mo gbà. Lẹ́nu ọ̀sà Èkó, iyanrìn gbá jọ sábẹ́ omi, ó dábùú ọ̀nà, ọkọ̀ ńlá kò lè kọjá lórí rẹ̀. Ọkọ̀ wa dúró síta lójú òkun, a ń wo igi àgbọn ìlú lọ́ọ̀ọ́kán, a kò lè dé ibẹ̀. Ọkọ̀ kékeré ló wá ń kó ènìyàn àti ẹrù díẹ̀díẹ̀. Mo rí èyí tí ìgbì yí dànù lójú mi, àpótí ń lé kiri lójú omi, a kò sì rí ẹni tó ń tù ú mọ́. Gbogbo àwọn atukọ̀ òyìnbó, ‘bar’ ni wọ́n ń pe òkìtì iyanrìn náà láti àárọ̀ dalẹ́. Kò sí ọmọ Èkó kan tó ń bá òyìnbó ṣòwò tí kò mọ̀ ọ́n.

Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún Akínwándé. Mo rí i lójú rẹ̀ pé ó gbọ́. Ìtùfù kan tàn lójú rẹ̀, ó sì yára pa á.

“Ó lè rí bẹ́ẹ̀,” ni ó wí. “Ó sì lè máà rí bẹ́ẹ̀. Mo ti wí ohun tí mo wí.”

“Ẹ wá ká lọ tún un kà.”

“Títíladé, jókòó. Ògbufọ̀ tó bá ní ìwé wí báyìí láàárọ̀, tó tún wá ní ìwé wí báyẹn lọ́sàn-án, ta ni yóò tún gba ẹnu rẹ̀ gbọ́? Wọ́n á ní ohun tó bá wù wá là ń sọ. Àwa tí a mọ ìwé ni yóò bàjẹ́ fún, ìwọ náà pẹ̀lú. Bí ọmọkùnrin yẹn kò bá jalè, Ọlọ́run kò ní fi í sílẹ̀.”

Ẹ ò gbọ́. Ọlọ́run ni yóò wá ṣe iṣẹ́ ògbufọ̀ fún un. Ọkùnrin wà nínú irin, Akínwándé ń ṣọ́ iyì ẹnu rẹ̀, ó sì ń fa ọbẹ̀ mọ́ra. Mo ti bọ̀wọ̀ fún ọkùnrin yìí láti ọjọ́ tí mo ti mọ̀ ọ́n, ọ̀wọ̀ náà sì tán lára mi níbẹ̀. Mo bi í bóyá ó ka ìwé náà dópin. Ó ní Baálẹ̀ ló bi í pé kí ni ìwé wí nípa iyọ̀, ibi tí iyọ̀ wà ni òun sì kà. Bí òun ṣe dárúkọ irin àti àwọn atukọ̀, Baálẹ̀ nawọ́ sókè pé ó tó, wọ́n sì gba ìwé lọ́wọ́ òun.

Mo dìde. N kò kí i kí n tó jáde.

Mo mọ̀ pé bí mo bá lọ bá Baálẹ̀ tààrà, yóò ní obìnrin kan wá kọ́ òun ní Gẹ̀ẹ́sì. Àyànlàjà ni mo lọ bá. Bàbá arúgbó ni, òun ló ń bá Baálẹ̀ tú àrokò láti ìgbà ayé Baálẹ̀ tó kú. Bí ìlú kan bá fi ẹyọ owó àti ìyẹ́ so pọ̀ ránṣẹ́ sí wa, òun ni wọ́n ń gbé e fún. Ó jókòó sábẹ́ igi ọsàn, ó ń rẹ́ ọ̀pá.

Mo kúnlẹ̀. “Bàbá, bí àrokò bá dé, ṣé ẹ lè tú u dé ìdajì kí ẹ fi dá ẹjọ́?”

Ó gbójú sókè wò mí. “Ta ló ṣe irú rẹ̀?”

“Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ bi yín. Ẹyọ owó kan ṣoṣo, kí ló ń wí?”

“Kò wí nǹkan kan. Ẹyọ owó ni. Bí ó bá jẹ́ méjì tó kọjú síra, ìfẹ́ ni. Bí wọ́n bá kẹ̀yìn síra, ìjà ni. So ìyẹ́ mọ́ ọn, ó di kánmọ́kánmọ́. Ohun tí a so mọ́ ọn ló ń sọ fún ọ pé ohun báyìí ni. Ọmọdé ló ń já ẹyọ kan sọ́wọ́, tó ń ní òun ti gbọ́ iṣẹ́.”

“Bàbá, bẹ́ẹ̀ ni ọ̀rọ̀ òyìnbó rí. Ẹyọ kan ni wọ́n já sọ́wọ́ nínú ìwé Dàda tí wọ́n fi de Jùbrílù. Wọn kò tú ìyókù.”

Ó gbé ọ̀pá àti ọ̀bẹ kalẹ̀. “Wọn kò tú u tán?”

“Baálẹ̀ nawọ́ sókè lágbede méjì.”

Bàbá náà dìde. Ó wọ ẹ̀wù rẹ̀, ó gba iwájú lọ, èmi tẹ̀lé e.

Wọn kì í tún àrokò tú lẹ́ẹ̀mejì láìnídìí ní abúlé wa, nítorí ó dà bí ẹni pé a pe ẹni tó rán an ní òpùrọ́. Ṣùgbọ́n èyí tí wọn kò bá tíì tú tán, ìyẹn ṣì wà ní síso. Ohun tí Àyànlàjà wí fún Fákọ́ládé nìyẹn níwájú àwọn àgbà, ó sì fi í sí i pé agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. Ojú Baálẹ̀ korò. Òun ni ó ni iyọ̀, òun ló nawọ́ sókè, òun náà ni adájọ́. Kò sí ọ̀nà tí yóò gbà sọ pé kí wọ́n má tú u. Ó ní kí wọ́n lọ pe Akínwándé.

Ó dé, ó wọ ẹ̀wù funfun. Kò wojú mi. Wọ́n mú ìwé náà jáde láti inú àpò awọ, wọ́n fi lé e lọ́wọ́.

“Kà á láti ìbẹ̀rẹ̀,” ni Àyànlàjà wí. “Ìyá Sàró yóò dúró tì ọ́, yóò máa wo ojú ìwé. Ẹ óò máa sọ ohun tó wí fún wa ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan.”

Ó bẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn ìkíni, ìwé ní ọkọ̀ ńlá pẹ́ púpọ̀ lójú òkun nítorí ojú ọjọ́ tí kò dára. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ìwé ní aṣọ wọlé láìséwu, òun sì ti kó o fún ìránṣẹ́ Baálẹ̀ pẹ̀lú díẹ̀ nínú iyọ̀. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó wá dé ibẹ̀.

“Máa kà,” ni Baálẹ̀ wí.

“Ìyókù,” ni Akínwándé wí, ohùn rẹ̀ kéré, “bá òwò ọ̀pá irin lọ.”

Mo bẹ Baálẹ̀ kí n sọ̀rọ̀. Ó ní kí n sọ.

“Ẹ̀gbọ́n, ọ̀rọ̀ méjì ló wà níbẹ̀. Ẹ fi ‘lọ’ bo ọ̀kan mọ́lẹ̀. Ọ̀rọ̀ tí ẹ ń pè ní ‘lọ’ yẹn, kì í ṣe lílọ lásán. Ó jẹ́ sísọnù, ó jẹ́ ṣíṣègbé. Ṣé irọ́ ni?”

“Kì í ṣe irọ́.”

“Òwò ọ̀pá irin ńkọ́? ‘Òwò’ yẹn, ṣé ó wà nínú ìwé?”

Ó wo ìwé. “Kò sí níbẹ̀. Mo fi kún un kó lè yé wọn ni.”

Mo kọjú sí àwọn àgbà. Mo ní ẹ wò ó: kí ọ̀pá irin tó lè dúró sínú ọ̀rọ̀ yìí, ó ní láti tẹ ọ̀rọ̀ kan ba, ó tún ní láti lọ yá òmíràn níta wá gbè é. Ìtumọ̀ tó bá tọ́ kì í da àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ láàmú. Mo ní kí ó ka èyí tó tẹ̀lé e.

“Àwọn atukọ̀ méjì sì bá a lọ.”

“Ọ̀rọ̀ tí ẹ pè ní ‘lọ’ níbí, ṣé ọ̀kan náà ni pẹ̀lú ti ìṣáájú?”

“Ọ̀kan náà ni.”

“Nítorí náà wọ́n sọnù. Wọ́n ṣègbé pẹ̀lú iyọ̀. Ṣé ìwé ní wọ́n sá?”

“Ìwé kò ní wọ́n sá.”

Kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ bẹ̀rẹ̀ láàárín àwọn ènìyàn. Mùsílímátù ti dìde nídìí òpó. Baálẹ̀ ní iyanrìn tàbí irin, ẹyọ kan ṣoṣo ṣì ni, obìnrin ń fi ẹnu dídùn yí i. Mo ní kí wọ́n jẹ́ kí ògbufọ̀ ka èyí tí kò tíì kà rí. Akínwándé gbé ìwé náà súnmọ́ ojú. Ó kà á ní Gẹ̀ẹ́sì sínú ara rẹ̀, ẹnu rẹ̀ ń mì, ó sì dúró.

“Kí ló wí?” ni Àyànlàjà bi í.

“Ó ní ọkọ̀ kankan kò ní dán an wò mọ́ títí ìgbì yóò fi rọlẹ̀.”

“Dán kí ni wò?”

“Ohun náà. Ohun tí iyọ̀ sọnù sí.”

Mo ní kí a fi wọ́n sí i lọ́kọ̀ọ̀kan, kí Bàbá Àyànlàjà, tí kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, máa gbọ́ ọ. Ọkọ̀ kankan kò ní dán ọ̀pá irin wò mọ́ títí ìgbì yóò fi rọlẹ̀. Ẹnìkan rẹ́rìn-ín lẹ́yìn. Ọkọ̀ kankan kò ní dán ìdábùú ilẹ̀kùn wò. Ọkọ̀ kankan kò ní dán igi ẹlẹ́jọ́ wò. Ọkọ̀ kankan kò ní dán ọṣẹ wò. Gbogbo wọn ti ń rẹ́rìn-ín báyìí, èmi nìkan ni n kò rẹ́rìn-ín, nítorí Jùbrílù ṣì jókòó sílẹ̀ níbẹ̀. Mo wá sọ ohun tí mo fojú rí nígbà tí mò ń bọ̀, bí iyanrìn ṣe dábùú ẹnu ọ̀sà Èkó, bí ìgbì ṣe ń fọ́ lórí rẹ̀, àti orúkọ tí òyìnbó ń pè é. Iyọ̀ tó kù ṣègbé sí òkìtì iyanrìn ẹnu ọ̀sà, àwọn atukọ̀ méjì sì ṣègbé pẹ̀lú rẹ̀. Ọkọ̀ kankan kò ní dán an wò mọ́ títí ìgbì yóò fi rọlẹ̀.

“Ó dúró,” ni Àyànlàjà wí. “Gbogbo rẹ̀ so mọ́ra. Ọkọ̀ ńlá tó pẹ́ lójú òkun, ojú ọjọ́ tí kò dára, ìgbì, atukọ̀. Irin nìkan ló ń ṣe àjèjì láàárín wọn.”

Fákọ́ládé kò fẹ́ gbà. Ó ní bóyá Ìyá Sàró ló fẹ́ gba aládùúgbò rẹ̀ sílẹ̀ ló fi hùmọ̀ iyanrìn. Inú bí mi gan-an. Àyànlàjà ló bi í léèrè pé kí ni ọmọkùnrin náà ti wí lánàá, kí ẹnikẹ́ni tó ṣí ìwé. Ó ti ní omi gbé iyọ̀ ní etí òkun. Kò mọ ìwé kà. Kò mọ ohun tí wọ́n kọ sínú rẹ̀. Ẹnu rẹ̀ àti ìwé jọ pàdé níbì kan náà, láìsí ẹni tó mú wọn mọ ara wọn.

Baálẹ̀ wá yíjú sí ògbufọ̀. “Akínwándé, ìwọ ni mo gbà gbọ́. Èwo ni ìwé wí?”

N kò mọ ohun tí yóò sọ. Òótọ́ ni mo wí yìí. Bí ó bá ní irin ni, irin ni yóò jẹ́, nítorí ọkùnrin ni, àgbà ni, òyìnbó sì mọ̀ ọ́n. Ó wo ìwé pẹ́. Ó wo Mùsílímátù.

“Iyanrìn ni,” ni ó wí. “N kò dé Èkó rí. Mo fi ohun tí mo mọ̀ dí ohun tí n kò mọ̀. Láti ìgbà tí Títíladé ti wá sílé mi lọ́sàn-án yìí ni mo ti mọ̀ pé iyanrìn ni.”

Mo rò pé Baálẹ̀ yóò bínú sí i. Kàkà bẹ́ẹ̀, ó mí kanlẹ̀ bí ẹni tí ẹlòmíràn bá gbé ẹrù rẹ̀, ó sì ní, “Ẹ ò rí i? Ọ̀rọ̀ òyìnbó ló fa gbogbo rẹ̀. Èdè tí ọ̀rọ̀ kan ń jẹ́ irin, tó ń jẹ́ ọṣẹ, tó tún ń jẹ́ iyanrìn, ta ni kò ní ṣì í gbọ́? Ẹ tú u sílẹ̀. Kí ẹnìkan sáré pàdé àwọn ọmọ-ọ̀dọ̀ olóyè lọ́nà, kí ó ní wọ́n lè padà. Jùbrílù, máa lọ sílé, kò sí nǹkan.”

Kò sí nǹkan. Wọ́n lu irin náà títí ó fi ṣí, awọ ọrùn ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì ti bó. Àwọn àgbà ti ń dìde, wọ́n ń gbọn aṣọ wọn, wọ́n ń sọ bí èdè òyìnbó ṣe jẹ́ èdè wèrè. Ẹnìkan tún ń fi ọṣẹ tí ọkọ̀ ń dán wò ṣe yẹ̀yẹ́. Mo fẹ́ sọ̀rọ̀, mo fẹ́ ní kì í ṣe èdè ló nawọ́ sókè, kì í ṣe èdè ló jókòó ti oúnjẹ. Jùbrílù ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀.

Kò dìde. Ó jókòó síbẹ̀, ó ń fi àtẹ́lẹwọ́ kan pa èkejì.

“Ẹ̀gbọ́n Akínwándé,” ni ó wí, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, “ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wò ó. Láàárọ̀ yìí, níwájú ìyá mi àti àwọn ọmọ mi, Baálẹ̀ pè mí ní olè, gbogbo wọn sì gbè é. Yorùbá ni wọ́n fi pè é. Ìtumọ̀ mélòó ló ní?”

Àwọn tó ti ń lọ dúró. Baálẹ̀ wo ilẹ̀.

“Ọ̀kan ṣoṣo ni,” ni Akínwándé wí.

Jùbrílù mi orí pé òun gbọ́. Ó dìde, ó di ìyá rẹ̀ lọ́wọ́ mú, wọ́n sì lọ sílé. Láti ọjọ́ náà, kò bá Baálẹ̀ ru ẹrù mọ́.